Bí fídíò ṣe máa wọnú sílaìdì yín tọ̀ọ̀, tí kò ní pòórá lọ́jọ́ òde

Lọ́dún tó kọjá mo bá àǹtí mi kan ṣe sílaìdì fún ọjọ́ìbí 70 ọdún wọn, sílaìdì 14, fídíò mẹ́ta nínú ẹ̀. Mo wò ó nílé tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò sígbà tí kò ṣiṣẹ́. Mo da fáìlì yẹn sínú fíláṣì, ó di họ́ọ̀lù. Ìgbà tó kan fídíò àkọ́kọ́, tí olóòtú ètò ti pariwo pé kí gbogbo èèyàn wojú ògiri, àpótí dúdú ló jáde, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé fídíò ò sí níbẹ̀. Bọ̀bọ́ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fídíò yẹn ńkọ́, ṣé ẹ gbé e dání?" Mo ní ó wà nínú sílaìdì yẹn náà. Kò sí níbẹ̀ o. Ó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù mi tí mo fi sílẹ̀ n'Íbàdàn, àwa sì wà l'Óṣogbo.

Ẹ̀bi mi ni, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń fi fídíò sórí sílaìdì nínú PowerPoint orí Windows, fèrèsé tẹ́ ẹ ti máa mú fáìlì ní bọ́tìnì Insert nísàlẹ̀, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ ọfà yẹn nǹkan méjì ló máa jáde, Insert àti Link to File. Insert máa gbé fídíò yẹn gan-an sínú fáìlì sílaìdì yín. Link to File ò gbé nǹkan kan, àdírẹ́sì ibi tí fídíò wà ló kàn kọ sílẹ̀. Èmi mú Link to File torí mi ò fẹ́ kí fáìlì wúwo. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ra àmàlà wá, lẹ́ẹ wá kọ àdírẹ́sì búkà sínú ìwé, lẹ́ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wà ládùúgbò búkà yẹn kò sí wàhálà, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé mi nìyẹn, PowerPoint kàn ń lọ mú fídíò nínú Downloads láìsọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà tí mo wò ó yẹn ò dán nǹkan kan wò.

Àwọn tó ti ń lo PowerPoint tipẹ́ máa rántí pé PowerPoint 2007 àtàwọn tó ṣáájú ẹ̀, àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ tó bá ti jẹ́ fídíò, ọdún 2010 ló tó di pé fídíò ń wọnú fáìlì gan-an. Torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń tún sílaìdì àtijọ́ lò, tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ti ń gbé kiri láti bí ọdún mélòó kan, ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá fídíò wà nínú ẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Ìyẹn nìkan ti máa ń tú àṣírí. Sílaìdì mi tó dójú tì mí yẹn, MB mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ fídíò kan ṣoṣo nínú àwọn tí mo ní mo fi síbẹ̀ ju MB 200 lọ. Báwo ni ìkòkò ṣe máa kéré ju ọbẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ lọ? Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Info. Tí fáìlì yẹn bá ní líǹkì nínú, ẹ máa rí Edit Links to Files nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Tẹ́ ò bá rí i rárá, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, á to gbogbo líǹkì tó wà níbẹ̀ jáde fún yín, tòun ti fólídà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn (ẹ̀dà o, kì í ṣe ojúlówó), ẹ wá yí orúkọ ẹ̀dà yẹn padà kí .pptx ìparí ẹ̀ di .zip. Fáìlì .pptx, síìpù ni látilẹ̀, wọ́n kàn wọ aṣọ míì fún un ni. Ẹ ṣí i, ẹ wọnú fólídà ppt, ẹ wọnú media. Àwọn fídíò tó wọlé lóòótọ́ máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bíi media1.mp4, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ wọ́n wọ́n á ṣeré. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ mọ sílaìdì wo ló ní líǹkì, ẹ lọ sí ppt, ẹ wọ slides, ẹ wọ _rels, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì sílaìdì yẹn. Ìlà àkọ́kọ́ níbí ni ti fídíò tó wọlé, ìkejì ni ti àdírẹ́sì lásán:

```
Target="../media/media1.mp4"
Target="file:///C:\Users\HP\Downloads\mama70.mov" TargetMode="External"
```

Ìlà kejì yẹn gan-an ló dójú tì mí. Bọ̀bọ́ yẹn ò ní mama70.mov nínú Downloads ẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí i?

Kẹ́ ẹ tó fi fídíò síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di MP4

Kí fídíò wà nínú fáìlì nìkan kọ́ o. Ó lè wà nínú ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà họ́ọ̀lù ṣì má mọ bó ṣe máa ṣí i. Fídíò tó ń jáde lára fóònù, lára kámẹ́rà, lára sídíì àtijọ́, bí wọ́n ṣe di ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kọ̀ǹpútà míì mọ èyí kò mọ tọ̀hún. Èyí tí Microsoft fúnra wọn sọ pé kẹ́ ẹ lò ni MP4 tí wọ́n fi H.264 di àwòrán inú ẹ̀, tí wọ́n sì fi AAC di ohùn inú ẹ̀. Gbogbo fídíò tí mo bá fẹ́ fi sórí sílaìdì báyìí, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé e lọ ná, kódà kó jẹ́ pé ó ń ṣeré dáadáa lórí láàpútọ́ọ̀pù mi.

Àwọn mẹ́ta tí mo lò lọ́jọ́ yẹn jẹ́ oríṣi mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ.

Àkọ́kọ́, ọmọ àǹtí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi aifóònù ká ara ẹ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdù 40, 4K, MB 280. Aifóònù máa ń di fídíò pẹ̀lú HEVC, òun náà ni wọ́n ń pè ní H.265, tí fáìlì ẹ̀ máa ń parí sí .mov. Kọ̀ǹpútà Windows tí wọn ò bá fi nǹkan tó ń ṣí HEVC sí lórí, ohùn lásán lẹ máa gbọ́ tàbí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan rárá. Tẹ́ ẹ bá lè bá ẹni tó fẹ́ ká fídíò sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n lọ sí Settings, Camera, Formats, kí wọ́n yan Most Compatible. Tí wọ́n bá ti ká a tán, HandBrake ló kù, áàpù tó ń sọ fídíò kan di oríṣi míì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún Windows àti Mac.

Nínú HandBrake, ẹ fa fídíò yẹn sínú ẹ̀. Níbi Preset ẹ mú Fast 720p30, kẹ́ ẹ rí i pé Format jẹ́ MP4. Ẹ má jẹ́ kí 720p yẹn bà yín lẹ́rù, pùrójẹ́kítọ̀ họ́ọ̀lù tó ń jẹ́ ká rí àwòrán 4K, èmi ò tíì pàdé ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ tó 1080p. Ẹ wá lọ sí táàbù Video, níbi Framerate, ẹ tẹ Constant Framerate, torí fóònù máa ń yí iye àwòrán tó ń ká ní sẹ́kọ́ńdù kan padà bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rí, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹnu èèyàn máa lọ tí ohùn á máa bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé apá kan nínú fídíò lẹ fẹ́ lò, ibẹ̀ náà lẹ ti máa gé e: ẹ yí Range sí Seconds, ẹ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ tẹ Start Encode. MB 280 yẹn di nǹkan bíi 35, mo fi wọ́n síwájú àǹtí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò mọ èwo lèwo.

Ìkejì wá láti Wasáàpù, MB 11. Fídíò Wasáàpù sábà máa ń jẹ́ MP4 tó ti wà ní H.264, kò nílò nǹkan kan, àmọ́ Wasáàpù ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó máa ń rí bàìbàì tó bá di pé ó gba gbogbo ògiri. Tí ojúlówó ẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fídíò, Wasáàpù ò ní fún un pọ̀ nígbà yẹn.

Ìkẹta ló dùn mọ́ mi jù, fídíò ìgbéyàwó àǹtí mi tó wà lórí VCD, ẹ mọ àwọn sídíì tí wọ́n máa ń fi sínú páálí tó ní fọ́tò ìyàwó yẹn. Tẹ́ ẹ bá fi sínú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí fólídà MPEGAV, inú ẹ̀ ni AVSEQ01.DAT máa wà. Fáìlì .DAT yẹn ni fídíò gan-an. PowerPoint ò ní gbà á wọlé pẹ̀lú orúkọ yẹn, ẹlòmíì á wá kàn yí orúkọ ẹ̀ padà sí .mp4, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ kàn pààrọ̀ fìlà ni, orí ò yí padà. Ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà ná, torí sídíì tó ti ní àpá lára máa ń dá iṣẹ́ dúró láàárín, lẹ́yìn náà ẹ ju sínú HandBrake, tàbí bí èmi ṣe máa ń ṣe é pẹ̀lú ffmpeg, irinṣẹ́ tí wọ́n máa ń kọ àṣẹ fún dípò kí wọ́n tẹ bọ́tìnì:

```
ffmpeg -i AVSEQ01.DAT -c:v libx264 -pix_fmt yuv420p -c:a aac igbeyawo.mp4
```

Àwòrán VCD kéré gan-an, 352 sí 288 ni, kò sí idán tó máa sọ ọ́ di tuntun. Mo kàn jẹ́ kó gba ìdajì sílaìdì, mo kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó dáa ju kí n fẹ̀ ẹ́ kó wá di kúbù kúbù.

Ó tó àkókò láti gbé e wọlé

Ẹ ṣí sílaìdì, ẹ lọ sí Insert, Video, This Device. Ẹ mú MP4 yín, ẹ wá tẹ bọ́tìnì Insert fúnra ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ọfà. Lórí Mac, ẹ má mú ohunkóhun tó bá ní Link to file lára. Online Videos náà wà níbẹ̀, fún Yútúùbù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kì í kú, torí fídíò yẹn ò wọlé, dátà ni á máa fi wá a nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí nẹ́tíwọ́kì bá sì kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó parí.

Tí fídíò bá ti wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí táàbù Playback, níbi Start. Mo máa ń fi sí Automatically tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa bá mi tẹ sílaìdì, torí ẹni tí kò mọ sílaìdì yẹn máa tẹ ẹ̀ẹ̀kan, fídíò ò tíì bẹ̀rẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́, á ti fò ó kọjá. Nǹkan kékeré míì tún wà: fídíò púpọ̀ ni àwòrán àkọ́kọ́ wọn jẹ́ dúdú, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ àyà á já yín pé ó tún ti sọnù. Ẹ jẹ́ kó ṣeré dé ibi tí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti hàn, ẹ dá a dúró, ẹ lọ sí Video Format, Poster Frame, Current Frame, àwòrán yẹn ni á máa hàn kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fi Trim Video gé fídíò nínú PowerPoint dípò HandBrake, kẹ́ ẹ mọ̀ pé apá tẹ́ ẹ gé yẹn ò lọ o, ó ṣì wà nínú fáìlì, ó kàn fara pamọ́ ni. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ sí File, Info, Compress Media kó tó kúrò. Compress Media yẹn náà ló ń bá ẹni tí fáìlì ẹ̀ ti wúwo jù dín in kù, 1080p, 720p tàbí 480p. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà, torí tẹ́ ẹ bá ti pa PowerPoint dé, kò sí àyípadà mọ́.

Ẹ wá fi pamọ́ bíi .pptx. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ sí PowerPoint 97-2003 torí kọ̀ǹpútà àwọn ti pẹ́, ẹ kọ̀ ọ́, torí nínú .ppt àtijọ́ yẹn fídíò yín máa di fọ́tò lásán.

Sílaìdì tó ti ní líǹkì ńkọ́?

Kò nílò kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí fídíò náà ṣì wà (ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orí kọ̀ǹpútà yẹn o), ẹ lọ sí File, Info, Edit Links to Files, ẹ yan fídíò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Break Link. Orúkọ yẹn máa ń dẹ́rù ba èèyàn, bíi pé wọ́n fẹ́ já nǹkan yín dànù, èmi ò fọwọ́ kàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún torí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fídíò, ohun tó ń ṣe ni pé á já àdírẹ́sì sọnù, á wá gbé fídíò fúnra ẹ̀ wọlé. Ẹ fi pamọ́, ẹ tún wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Sílaìdì àǹtí mi kúrò ní MB mẹ́ta, ó di ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti pààrọ̀ ti aifóònù yẹn sí MP4. Tí MB ò bá yí padà, líǹkì yẹn ò tíì wọlé, ẹ pa fídíò yẹn rẹ́ lórí sílaìdì, kẹ́ ẹ tún fi Insert gbé e wá.

Ìdánwò tí kò ní tàn yín jẹ

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ yí orúkọ fólídà tí fídíò yín wà padà. Tó bá ń jẹ́ fidio tẹ́lẹ̀, ẹ pè é ní fidio-x. Ẹ pa wáì-fáì pẹ̀lú. Ẹ pa PowerPoint dé pátápátá, ẹ tún un ṣí, ẹ tẹ F5, ẹ jẹ́ kí gbogbo fídíò ṣeré dópin, kì í ṣe sẹ́kọ́ńdù méjì lẹ óò sì fò ó. Èyí tó bá dákẹ́, àdírẹ́sì ló gbójú lé. Ìdánwò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ojú tó ń wò mí l'Óṣogbo.

Tẹ́ ẹ bá dé họ́ọ̀lù, ẹ da fáìlì kúrò nínú fíláṣì sórí Desktop kọ̀ǹpútà wọn kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí fíláṣì míì lọ́ra, fídíò á máa já, á máa dúró. Ẹ yọ fíláṣì yẹn kúrò pátápátá. Tí ìlà yẹ́lò bá yọ lókè pẹ̀lú Enable Editing, ẹ tẹ̀ ẹ́ ná. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ṣí sílaìdì pẹ̀lú, tó bá jẹ́ WPS ni wọ́n ní, tí kì í ṣe PowerPoint, ẹ rí i pé ẹ wo gbogbo fídíò lórí ẹ̀ ṣáájú kí èèyàn tó pé. Tí fídíò bá ń lọ tí kò sí ohùn, tí ẹ ti fi okùn HDMI so kọ̀ǹpútà mọ́ pùrójẹ́kítọ̀, ó ṣeé ṣe kí ohùn ti gba inú pùrójẹ́kítọ̀ lọ, ẹ tẹ àwòrán sípíkà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ yàn án padà sí ibi tí okùn ẹ̀rọ ohùn wọn wà.

Mo tún máa ń gbé fídíò MP4 wọ̀nyẹn dání nínú fíláṣì kan náà, nínú fólídà tòun, mo kọ 1, 2, 3 sí iwájú orúkọ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lọ́jọ́ ọjọ́ìbí yẹn mi ò gbé wọn dání, ohun tó gbà wá sílẹ̀ ni pé mo pe àbúrò mi tó wà nílé, ó ṣí láàpútọ́ọ̀pù, ó fi fídíò mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì lórí Wasáàpù, bọ̀bọ́ yẹn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, a fi VLC ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n gé kéèkì tán.  Nígbà tó kan ti VCD, àǹtí mi rí ara wọn nínú gèlè ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, wọ́n ní ká tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i.